Obìnrin Kan, Pásípọ́ọ̀tù Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin ará Rọ́ṣíà kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Юлия Кузнецова. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń tọ́ka sí. Orúkọ méjèèjì yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí Adé àti Ọlá ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Alágbẹ̀dẹ ló wà nídìí orúkọ ìdílé náà. Bí ọkùnrin bá ń jẹ́ ẹ, Кузнецов ni, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, wọ́n á fi а sí ìparí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ Юлия yìí lórúkọ, lẹ́tà kan ṣoṣo kò tíì yí padà nínú ìwé ìbí rẹ̀, nínú ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀ tàbí nínú ìwé ilé tó ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó gbogbo pásípọ́ọ̀tù tó ti fi rin ìrìn àjò sórí tábìlì, tó sì tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀ léra, ohun tí ẹni tí kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà yóò rí nìyí:

```
1994   IOULIA KOUZNETSOVA
1999   YULIYA KUZNETSOVA
2011   IULIIA KUZNETCOVA
2021   IULIIA KUZNETSOVA
```

Obìnrin kan náà ni. Kò ṣe ìgbéyàwó tó fi yí orúkọ padà, kò lọ sí kóòtù láti búra pé òun ti gba orúkọ mìíràn. Àtẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń kó orúkọ kúrò nínú ábídí Sírílíìkì bọ́ sínú ábídí Látìn ló ń yí padà. Ọjọ́ tí ó bá lọ gba pásípọ́ọ̀tù ló ń sọ àtẹ tí yóò bá nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún 1994 jẹ́ àṣà àtijọ́, ìyẹn àṣà Faransé. Nígbà ìjọba Sófíẹ̀tì, bí Faransé ṣe ń kọ̀wé ni wọ́n fi ń kọ apá Látìn inú pásípọ́ọ̀tù, àṣà yìí sì tún wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ìjọba náà tú ká ní ọdún 1991. Bí ọmọ Faransé bá rí lẹ́tà “u”, ohùn kan tí kò sí nínú èdè Rọ́ṣíà ni yóò pè, tí kò sì sí nínú Yorùbá náà. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó pe “u” bí àwa ṣe ń pè é nínú “ìlú”, “ou” ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ. Ibẹ̀ ni Кузнецова ti di KOUZNETSOVA, tí Юлия sì di IOULIA. Ohùn tí àwa ń fi “ṣ” kọ, “ch” ni Faransé ń fi kọ ọ́. Nítorí náà Пушкин, akéwì ńlá wọn, di Pouchkine.

Ó yẹ kí Yorùbá tètè rí ìdí tí “e” fi wà ní ìparí Pouchkine. Bí a bá rí “in” lópin ọ̀rọ̀, bí “ẹrin” tàbí “irin”, imú la fi ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Faransé. Ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà kì í fi imú pe “in” tirẹ̀. Lẹ́tà n ibẹ̀ máa ń dún gbangba. Wọ́n wá fi “e” tì í lẹ́yìn kí Faransé má baà fi imú pe orúkọ olórúkọ. Ẹni tó ṣe àtẹ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kìkì pé ojú ẹni tó gbọ́ Faransé nìkan ló fi ṣe é.

Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Rọ́ṣíà gbé àṣẹ kan jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni 310, tó yí kúrò lọ́dọ̀ Faransé tó sì kọjú sí Gẹ̀ẹ́sì. “Ou” di “u”, “tch” di “ch”, “ch” di “sh”, “j” di “zh”. Ю di YU, я sì di YA. Bí ẹ bá fún ọmọ Ìbàdàn kan ní YULIYA KUZNETSOVA láti kà sókè, ohun tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní jìnnà sí bí ìyá Юлия ṣe ń pè é. Nínú gbogbo àtẹ tí pásípọ́ọ̀tù Rọ́ṣíà ti lò, èyí ni mo rò pé ó ṣàánú ẹni tó ń kà á jù lọ.

Kò pẹ́ títí. Ní ọdún 2010, nígbà tí pásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún mẹ́wàá tó ní ègé kọ̀ǹpútà nínú ń tàn kálẹ̀, wọ́n mú ìlànà orílẹ̀-èdè wọn kan wọlé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GOST R 52535.1-2006. Àtẹ yìí ló sọ ю di IU, tó sọ я di IA, tó sì sọ й di I. Y wá di ti lẹ́tà kan ṣoṣo, ìyẹn ы, fáwẹ̀lì kan tí wọ́n ń fà sẹ́yìn nínú ọ̀fun. Ibi tí àtẹ náà ti ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ц, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ t àti s tí a pè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ ọ́ di TC. Bí Kuznetsova ṣe di KUZNETCOVA nìyẹn. Kò sí èdè ńlá kan ní Yúróòpù tí ènìyàn yóò ti rí “tc” tí yóò sì mọ̀ pé “ts” ni wọ́n ń sọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀ níbẹ̀. Bí orúkọ bá yí padà pátápátá, olórúkọ yóò tètè fura. Ṣùgbọ́n S tó di C láàárín lẹ́tà mẹ́sàn-án mìíràn, ó lè má rí i títí yóò fi dé iwájú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú.

Láàárín ọdún 2013 sí 2014, wọ́n pa TC tì. Wọ́n bọ́ sórí àtẹ tó wà nínú Doc 9303, ìwé ìlànà tí ICAO, àjọ ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ṣe fún pásípọ́ọ̀tù gbogbo orílẹ̀-èdè. Ц padà di TS. IU, IA àti I dúró síbẹ̀. Àmì kan tún wà lédè Rọ́ṣíà, ъ, tí kì í dá dún, tó kàn máa ń ya lẹ́tà méjì nípá kí wọ́n má baà yọ́ mọ́ra wọn. Àtẹ ọdún 2010 kò kọ ọ́ rárá. Ti ICAO ń fi IE kọ ọ́. Ẹnì kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Объедков wá di OBIEEDKOV, ó ní fáwẹ̀lì mẹ́ta tó so mọ́ra wọn níbi tí ó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló ń dún.

Àtẹ yìí ló wà lórí àlééfà báyìí. Ẹni tó bá ti mú pásípọ́ọ̀tù Rọ́ṣíà lọ́wọ́ lè fojú mọ ìgbà tí wọ́n kọ orúkọ inú rẹ̀: OU àti TCH jẹ́ ti kí ọdún 1997 tó dé, YU àti YA jẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, TC jẹ́ ti ọdún díẹ̀ tó tẹ̀ lé 2010, bí IU àti IA bá sì wà pọ̀ pẹ̀lú TS, ti òde òní ni. Àwọn kan wà tí wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù lọ́dún tó kọjá tí YULIYA sì wà nínú rẹ̀ gbọnrangandan. A ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí ni pé, ṣé kò sí ọ̀nà kan tó péye tí lẹ́tà Rọ́ṣíà kan yóò fi bá lẹ́tà Látìn kan ṣoṣo mu, kí ìjà parí? Ó wà. Ìlànà kan tó ń jẹ́ ISO 9, tí wọ́n ṣe tuntun rẹ̀ jáde ní ọdún 1995, fún lẹ́tà Sírílíìkì kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tirẹ̀. Nínú àtẹ yẹn, Ûliâ Kuznecova ni obìnrin wa. Ẹ wo fìlà tó wà lórí Û àti â. Bí ẹ bá fẹ́ dá orúkọ náà padà sí Sírílíìkì, ẹ kò ní ṣì í lẹ́tà kan. Èyí wúlò fún àwọn ilé-ìkàwé àti àwọn onímọ̀ èdè. Kò wúlò fún pásípọ́ọ̀tù rárá, ìdí rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tí àwòrán olórúkọ wà.

Ìlà méjì wà níbẹ̀ tí kò jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn, àmì 44 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ti Юлия, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí:

```
P<RUSKUZNETSOVA<<IULIIA<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<
```

P ni pásípọ́ọ̀tù, RUS ni Rọ́ṣíà, orúkọ ìdílé ló tẹ̀ lé e, àmì < méjì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ rẹ̀ gan-an, àmì yẹn kan náà ni wọ́n sì fi kún àyè tó kù. Lẹ́tà A títí dé Z ni ẹ̀rọ gbà fún orúkọ. Kò gba fìlà, kò gba àmì ohùn, kò gba kíún. Àwa Yorùbá ti mọ èyí lára tipẹ́: Ṣọlá, Ṣólá àti Sọlá, bí wọ́n bá ti wọ inú ìlà ẹ̀rọ, SOLA ni gbogbo wọn.

Ìjọba Rọ́ṣíà mọ̀ dájú pé ohun kan ń sọnù lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ìwé ìdánimọ̀ mìíràn tí wọ́n ń lò nílé, tí àwọn náà ń pè ní pásípọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe fún ìrìn àjò òkèèrè. Láti ọdún 2011 ni ìlà ẹ̀rọ ti wà lára ìyẹn náà. Níbẹ̀, wọn kò lo àtẹ Faransé, wọn kò lo ti Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì lo ti ICAO. Lẹ́tà kan fún lẹ́tà kan ni wọ́n lò, níbi tí lẹ́tà Látìn sì ti tán, wọ́n fi nọ́ńbà dí i: Ч ni 3, Ш ni 4, Ю ni 7, Я ni 8. Bí orúkọ bàbá Юлия bá ń jẹ́ Андрей, ohun tó wà níbẹ̀ ni:

```
PNRUSKUZNECOVA<<7LI8<ANDREEVNA<<<<<<<<<<<<<<
```

7LI8 yìí ni Юлия. Kò sí ẹni tó lè pè é, ẹ̀rọ sì lè dá a padà sí Sírílíìkì láìṣì. Fún mi, ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Àtẹ kan ò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí àjèjì lè pe orúkọ, ẹ ó pàdánù díẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ pa bí wọ́n ṣe kọ ọ́ mọ́, àjèjì kò ní lè pè é. ICAO wà láàárín méjèèjì: E rẹ̀ ló dúró fún е, fún ё àti fún э, I rẹ̀ sì dúró fún и àti й.

Ọ̀rọ̀ ё yìí ti kó ẹ̀dùn ọkàn bá àwọn kan. Ohùn rẹ̀ ni “yo”, ṣùgbọ́n E ni pásípọ́ọ̀tù ń kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń kọ Gorbachev, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń pe ìparí orúkọ náà ní “chof”. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Семён, tí wọ́n ń pè ní “Simyon”, SEMEN ni yóò bá nínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àtọ̀ ọkùnrin. Ọmọdé tí wọ́n bá mú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọ ilé-ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò mọ bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Юлия. Ní ọdún 2021, ó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù físà tí wọ́n ń kún lórí kọ̀ǹpútà, DS-160, bi í ní orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1999 ló ti ń fi Yuliya buwọ́ lùwé, òun ló wà lára káàdì báńkì rẹ̀, òun ló wà lára ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì kan nílẹ̀ òkèèrè fún un. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé Yuliya ni orúkọ òun. Kí ó má kọ ọ́ síbẹ̀. IULIIA ni kí ó kọ, lẹ́tà fún lẹ́tà, bí ó ṣe wà nínú ìlà ẹ̀rọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ̀wé kọ́ ni kí ó wò, bí orúkọ náà ṣe ń dún kọ́ sì ni. Ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò kò mọ ohùn orúkọ náà, kò sì wá ohùn. Ó ń wò ó bóyá lẹ́tà inú fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà inú pásípọ́ọ̀tù bára mu.

Fọ́ọ̀mù kan náà béèrè bóyá ó ti lo orúkọ mìíràn rí. Ibẹ̀ ni àyè wà fún YULIYA àti KUZNETCOVA, pàápàá bí físà àtijọ́ bá wà tí orúkọ yẹn wà lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá kọ ọ́, wọn yóò fura sí àwọn. Èyí tí kò kọ ló lè mú ìfura wá, torí pé àkọsílẹ̀ físà àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù tún ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún ní ábídí ilé rẹ̀. Sírílíìkì ni kí ó fi kọ ìyẹn: Кузнецова Юлия Андреевна.

Ẹ kíyè sí Андреевна tó yọjú níbí. Orúkọ bàbá ni, gbogbo ará Rọ́ṣíà ló ń jẹ́ ẹ, nínú pásípọ́ọ̀tù ìrìn àjò sì rèé, Sírílíìkì nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kò sí nínú ìlà Látìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fúnra wọn kọ ọ́ ní Látìn, wọ́n á sì fi kún orúkọ wọn nínú fọ́ọ̀mù tàbí lórí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún orúkọ bàbá wọn. Mo lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì á wá ní orúkọ mẹ́ta, pásípọ́ọ̀tù á ní méjì, wọ́n á sì máa ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀.

Ohun tí Юлия ìbá ti ṣe, tí ì bá sì ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo èyí, ti ọdún 2011 ni. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù bá ń fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, òfin Rọ́ṣíà fún un láyè láti kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ òun ní Látìn bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò kàn lè sọ pé èyí ló wu òun. Yóò mú ẹ̀rí wá: pásípọ́ọ̀tù tó ń lò bọ̀, tàbí físà, tàbí ìwé ìgbélùú, tàbí ìwé ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe nílẹ̀ òkèèrè, tí orúkọ náà wà nínú rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ní a ó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn tó ṣì ń jẹ́ YULIYA títí di òní. Pásípọ́ọ̀tù ọdún 1999 ti tó fún Юлия láti fi ṣe ẹ̀rí. Bí kò bá béèrè, kọ̀ǹpútà á kó orúkọ rẹ̀ gba inú àtẹ tuntun kọjá láìbi í. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, torí pé lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ yóò sọ fún un pé àṣìṣe kankan kò sí níbẹ̀, àtẹ ni àwọn tẹ̀ lé. Òótọ́ ni yóò sì sọ.

Àtẹ wo ló dára jù kọ́ ni mo kà sí ìṣòro nínú gbogbo èyí. Ká ní Юлия ń jẹ́ Iouliia láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ayé rẹ̀, kò bá ti mọ́ra. Yíyí tí wọ́n ń yí àtẹ padà láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn ló fi orúkọ mẹ́rin sọ́rùn ẹnì kan, tí ẹrù ẹ̀rí sì wá di ti olórúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa ju bí a ṣe rò lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba pè sílẹ̀ ní Mọsíkò ní ọdún 1960 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń lọ kàwé ní ilẹ̀ yẹn, àwọn kan sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ. Bàbá ń jẹ́ AJAYI nínú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìbí ní Sírílíìkì. Rọ́ṣíà kò ní lẹ́tà kan fún “j” wa, nítorí náà lẹ́tà méjì ni wọ́n fi kọ ọ́, дж: Аджайи. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ gba pásípọ́ọ̀tù ìrìn àjò ti Rọ́ṣíà. Àtẹ kò mọ̀ pé láti inú ábídí Látìn ni orúkọ náà ti wá. Д di D, ж di ZH, й di I, и náà di I. Ọmọ Ajàyí wá di ADZHAII. Adébáyọ̀ ń lọ ní Адебайо, ó ń bọ̀ ní ADEBAIO. Wọlé ń lọ ní Воле, ó ń bọ̀ ní VOLE.

Kì í ṣe gbogbo ohun ló ń sọnù lọ́nà yẹn o. Wọlé Ṣóyínká, tó gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1986, Воле Шойинка ni Rọ́ṣíà ń kọ ọ́. Ẹ wo Ш tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé náà: ohùn “ṣ” wa gan-an ni, èyí tí ìlà ẹ̀rọ sọ di S lásán nínú SOYINKA. Ká ní wọ́n fi àtẹ ICAO dá a padà sí Látìn, SHOIINKA ni yóò jẹ́, ojú kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n etí yóò mọ̀ ọ́n ju SOYINKA lọ.

Fún bàbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AJAYI àti ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ADZHAII, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá gbé pásípọ́ọ̀tù méjèèjì sójú kan, tó wo ọkùnrin, tó wo ọmọ, tó sì béèrè bí wọ́n ṣe bára wọn tan. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi ìwé ọmọ sílẹ̀ fún pásípọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ ni kí bàbá mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tirẹ̀ dání lọ, kí ó kọ ìwé ìbéèrè náà, kí ó sì fi ẹ̀dà ojú ìwé tí AJAYI wà nínú rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí ó ní kí òṣìṣẹ́ fi bí orúkọ ọmọ ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà hàn òun, kí ó sì kà á lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.